Èérí tí kànìnkànìn kò lè mú kúrò

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì jókòó tán tó fi nawọ́ sí ìpàkọ́ ọmọ rẹ̀, tó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọrùn ọmọ yìí. Èérí ti jọba síbẹ̀. Mo ti fi kànìnkànìn họ ọ́ títí, kò kúrò." Ọmọbìnrin náà, ẹni ọdún 19, kò gbé orí sókè. Ó wé ìborùn mọ́ ọrùn, ó sì di etí ìborùn náà mú ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ìgbà wo lo kọ́kọ́ rí i?" Ó wo ojú ìyá rẹ̀ kó tó dáhùn. "Èmi kọ́ ni mo rí i, mà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló rí i. Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà yẹn." Ó ní ẹ̀yìn ọrùn ló ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó wá yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, abíyá sì tẹ̀ lé e. Kì í yún un, kì í dùn ún. Àsìkò náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ọ̀rọ̀ "díẹ̀díẹ̀" tó sọ yẹn ṣe pàtàkì, màá padà sórí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní ọdún méjì ṣáájú, ẹnì kan ti sọ fún un pé irú ọrùn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì àtọ̀gbẹ. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò ní kùtùkùtù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan kan, èsì sì jáde ní 92. Wọ́n ní kò sí ṣúgà lára rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti gbà pé bí kì í bá ṣe ṣúgà, a jẹ́ pé èérí ni. Ó tún fi kún fífi kànìnkànìn họ ọrùn ọmọ. Nígbà tó yá, ọmọ náà lọ ra ìpara kan fúnra rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn, "kì í ṣe ṣúgà, èérí ni," ló mú kí n kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀. Nǹkan kan wà láàárín èérí àti ṣúgà, ó sì lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó gòkè rárá. Àárín yẹn ni ọmọ yìí wà.

Òwú funfun

Mo ní kó tú ìborùn. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo rẹ òwú sínú sípírítì, mo fi nu ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo sì nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ibì kan náà. Ó nídìí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Awọ kan wà tó máa ń dúdú bí èérí, tí ọṣẹ àti omi kò lè mú kúrò, nítorí pé awọ tó ti kú àti òróró ara ló gan pọ̀ síbẹ̀. Sípírítì máa ń ká irú èyí kúrò lójú ẹsẹ̀, òwú á dúdú, awọ tó mọ́ á yọjú lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ gbà.

Mo gbé òwú náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. "Màmá, ẹ wò ó." Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó funfun bí mo ṣe mú un jáde nínú páálí. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń wo òwú.

Lẹ́yìn náà ni mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mú awọ ọrùn náà. Ó nípọn ju ti àyà rẹ̀ lọ, ó sì rọ̀ lọ́nà kan tí ẹni tó bá ti fọwọ́ ra aṣọ àrán lòdì sí ibi tí irun rẹ̀ dojú kọ yóò mọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi ìlà tín-tìn-tín hàn, ìlà lórí ìlà, bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Etí dúdú náà kò mú bí ìgbà tí ènìyàn fi gègé fa ìlà; ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di àwọ̀ ara rẹ̀. Kò ní ìpẹ́ bíi ti làpálàpá. Ẹran kéékèèké méje, tí èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju orí ìṣáná lọ, so rọ̀ ní apá òsì ọrùn rẹ̀. Òun ò kà wọ́n sí, ṣùgbọ́n àwọn náà máa ń bá awọ yìí rìn.

Mo wo abíyá, mo wo oríkèé ìka ọwọ́, mo wo abẹ́ ọmú. Dúdú náà wà ní abíyá méjèèjì, ó sì fi díẹ̀ hàn ní oríkèé ìka. Mo ní kó la ẹnu, mo wo inú ètè rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti ọrùn dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ kò lè rí i. Nínú òṣùwọ̀n Burke, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 4, ipele 3 nìyẹn. Òṣùwọ̀n yẹn dára nítorí pé kì í béèrè bí awọ ṣe dúdú tó; ibi tó gbòòrò dé ló ń béèrè. Lára ènìyàn dúdú, bí ó ṣe dúdú tó lè tan ojú jẹ.

Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe awọ yìí ni akantósísì nígíríkánsì. Mo sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí pé wọ́n á rí i lórí ìwé, lẹ́yìn náà ni mo pè é ní awọ àrán, òun la sì ń pè é títí dòní.

Ariwo inú ẹ̀jẹ̀

Ìyá rẹ̀ bi mí ní ìbéèrè tó tọ́: "Tí kì í bá ṣe èérí, tí wọ́n sì ní kì í ṣe ṣúgà, kí wá ni?"

Páńkíríà, ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ló ń tú ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá jẹun. Iṣẹ́ ínsúlínì ni kó kan ilẹ̀kùn àwọn sẹ́ẹ̀lì kí ṣúgà wọlé, kó sì sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó dáwọ́ èyí tó ń tú síta dúró. Nígbà tí ara bá wá ń kọ etí ikún sí i, páńkíríà kì í jókòó tẹtẹrẹ. Ó máa ń pariwo. Ó lè tú ìlọ́po méjì tàbí ìlọ́po mẹ́ta ínsúlínì tó yẹ kó tú, ariwo náà sì máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́: ilẹ̀kùn ṣí, ṣúgà wọlé, ẹni tó bá wọn ṣúgà láàárọ̀ yóò rí i pé ó wà bó ṣe yẹ. Ohun tí kò rí ni iye ariwo tí páńkíríà pa kí ọ̀rọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ara ló di etí. Awọ ń gbọ́. Nígbà tí ínsúlínì bá pọ̀ kọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń di ọwọ́ mú lára sẹ́ẹ̀lì awọ níbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ibi tí wọ́n ṣe fún họ́mónù mìíràn tó fara jọ ọ́, tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, kó sì bí sí i. Awọ gbọ́ràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Níbi tí awọ ti ń pàdé awọ, bí ọrùn àti abíyá, ó nípọn, ó ká jọ, ó sì gbé ìpele líle orí rẹ̀ sókè. Nípọn àti kíkájọ yẹn ló mú un dúdú, ju kí aró dúdú ara ti pọ̀ sí i lọ. Ìdí nìyí tí kò fi sí nǹkan tí kànìnkànìn fẹ́ gbé kúrò. Kàkà bẹ́ẹ̀, awọ tí a ń họ lójoojúmọ́ máa ń nípọn sí i láti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìhọra, ó sì tún ń dúdú sí i. Mo sọ èyí fún ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí pé ìfẹ́ ló fi ń họ ọ́.

Ìmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1976 ni Kahn, Flier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ nípa àwọn aláìsàn tí ara wọn kọ ínsúlínì gidigidi, tí awọ yìí sì wà lára wọn. Tiwọn le ju ti ọmọ yìí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là.

Ìdí tí 92 kò fi tó

Àyẹ̀wò àárọ̀ kò parọ́ fún wọn. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n bi í, ó sì dáhùn: ṣé ṣúgà ga nígbà tí ikùn ṣófo? Rárá. Láti òru mọ́jú, iṣẹ́ tó wà níwájú ínsúlínì kò pọ̀. Ẹ̀dọ̀ nìkan ló ní láti tù nínú. Ibi tí a ti ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ ínsúlínì ni ìgbà tí iṣẹ́ bá dé lójijì. Nítorí náà ni mo ṣe yan àyẹ̀wò oní-wákàtí-méjì.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kó jẹun bó ṣe máa ń jẹun. Ẹni tó bá fi ebi pa ara rẹ̀ kó lè yege yóò da èsì rú. Ní òru ọjọ́ náà, kó má jẹ nǹkan kan fún ó kéré tán wákàtí 8, omi nìkan ló lè mu. Láàárọ̀, a gba ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, a sì fún un ní gúlúkóòsì gíráàmù 75 tí a pò mọ́ omi, kó mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà kó jókòó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣe àṣìṣe níbí, wọ́n á jáde lọ rìn kiri, ìrìn yẹn á sì jẹ lára ṣúgà náà. Nígbà tí wákàtí méjì bá pé láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, a tún gba ẹ̀jẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ jáde ní 98. Kò tíì kan 100, nítorí náà wọn ì bá tún sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gòkè láti 92. Ti wákàtí méjì jáde ní 168. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbọ́ràn kì í tó 140 nígbà yẹn. Láti 140 dé 199 ni ìloro àtọ̀gbẹ. 200 sókè, ènìyàn ti wọ inú ilé. Ọmọ wa wà ní ìloro. (Ìwọ̀n mílígíráàmù nínú dẹsílítà ni gbogbo iye yìí, ilé àyẹ̀wò tó bá ń lo mílímóòlù yóò kọ 168 yẹn sílẹ̀ bíi 9.3.)

A tún ṣe àyẹ̀wò tó ń wo ṣúgà oṣù mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Ó jáde ní 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún, àyè tó dára pátápátá, nítorí pé láti 5.7 ni ìloro ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti gbára lé òun nìkan, ǹ bá ti lé wọn lọ sílé bíi ti ìjọ́sí. Ṣùgbọ́n AS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ń ka ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ohunkóhun tó bá sì yí ẹ̀jẹ̀ pupa padà lè tì í síbì kan: ẹ̀jẹ̀ AS lè mú kó kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ náà lè rí i kó kéré, àìtó irin nínú ẹ̀jẹ̀ sì lè mú kó ga. Nígbà tí awọ ara, ìwọ̀n ara àti HbA1c bá ń sọ ọ̀rọ̀ tó takora, HbA1c kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Ìyá rẹ̀ bi mí ìdí tí a kò fi wọn ínsúlínì fúnra rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun ni mò ń sọ láti àárọ̀. Ìbéèrè rere ni. Ilé àyẹ̀wò kan àti òmíràn kì í bá ara wọn mu lórí ínsúlínì, kò sì sí iye kan tí gbogbo ayé fẹnu kò sí pé ibí ni àìgbọ́ràn ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní yí ohun tí a fẹ́ ṣe padà. Ọrùn rẹ̀ àti 168 yẹn ti sọ ọ́ tán.

Ohun tí kò sọ níwájú ìyá rẹ̀

Mo bẹ ìyá rẹ̀ kó bá wa dúró níta fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ni òun rí nǹkan oṣù òun láàárín ọdún kan, àti pé òun máa ń fi ẹ̀mú tu irun tó ń hù ní àgbọ̀n òun ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Àyẹ̀wò oyún sọ pé kò sí, táírọ́ọ̀dù àti poroláktìnì wà bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n tẹsitositẹ́rónì rẹ̀, họ́mónù ọkùnrin, ga díẹ̀. Ilé ẹyin náà wà lára àwọn tó ń gbọ́ ariwo ínsúlínì. Nígbà tí ariwo bá pọ̀, ó máa ń tú họ́mónù ọkùnrin síta ju bó ṣe yẹ lọ, ẹyin kì í sì gbó lásìkò. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní pí-sí-ó-ẹ̀sì ni. Gbòǹgbò kan náà ló so ọrùn, irun àgbọ̀n àti nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀, ó sì ti ń ru ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìtìjú mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ló fa ìpara rẹ̀ yọ nínú báàgì. Ó ti fi pa ọrùn àti abíyá fún oṣù márùn-ún. Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé kí n tó lè ka ohun tó wà lára rẹ̀, nítorí pé lẹ́tà náà kéré bí ẹsẹ̀ èèrà: kilobẹ́tásọ́ọ̀lù, àti haidirokuínóònù tó ń bó àwọ̀ ara. Kilobẹ́tásọ́ọ̀lù wà lára sítẹ́rọ́ìdì apara tó lágbára jù lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a sábà máa ń fi òdiwọ̀n rẹ̀ sí, kì í sì í ṣe fún abíyá, nítorí pé ibi kíká bẹ́ẹ̀ máa ń fà á wọ ara ju ibòmíràn lọ. Ó ti mú kí awọ abíyá rẹ̀ fẹ́lẹ́, kó máa dán, ìlà pupa gígùn sì ti ń là síbẹ̀. Ní ọrùn, awọ tó yí awọ àrán ká ló bó, èyí tó wà láàárín sì wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé bí sítẹ́rọ́ìdì bá pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, òun gan-an a máa mú kí ara kọ etí ikún sí ínsúlínì. Ọmọ náà ń fi epo pa iná.

Ohun tí a ṣe

A kò gba ìpara náà lójijì. Awọ tó ti mọ́ sítẹ́rọ́ìdì lára máa ń pupa, á máa jóni bí iná nígbà tí a bá fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. A gbé e sórí haidirokọ́tísónù, sítẹ́rọ́ìdì tó fúyẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà a fi í sílẹ̀. A wọn kọ́tísọ́ọ̀lù rẹ̀ láàárọ̀, ìyẹn sítẹ́rọ́ìdì tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, tí irú ìpara bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ rì; ó dára. Kànìnkànìn náà kúrò ní ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ àti ọṣẹ tí kò le ló kù.

Ó wọn kílò 84, ó sì ga ní mítà 1.62. Mi ò sọ fún un pé kó di tẹ́ẹ́rẹ́. Kílò 6 ni mo ní ká lé, nítorí pé nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìwọ̀n kan náà tí wọ́n lé nínú ìwádìí ńlá tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002. Nínú rẹ̀, àwọn tó wà ní ìloro bíi tirẹ̀ dín ìwọ̀n ara kù, wọ́n sì ń rin ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Iye àwọn tó wọ inú àtọ̀gbẹ nínú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní agbára kankan àti ìmọ̀ràn lásán. Mo bi í léèrè ohun tó ń mu, ó ní ìgò ohun mímu aládùn méjì lóòjọ́. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, omi ló rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó ń rin ogún ìṣẹ́jú. Mo ṣàlàyé ìdí tí mo fi yan ìgbà yẹn: ẹran ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà fúnra rẹ̀, kì í dúró kí ínsúlínì wá kanlẹ̀kùn. Ìtura lèyí fún páńkíríà tó ti ń pariwo láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kílò 3 ti lọ, ṣùgbọ́n nǹkan oṣù kò tíì dé. A wá fi mẹtifọ́mínì kún un, oògùn tó ń mú kí ara gbọ́ràn sí ínsúlínì, mílígíráàmù 500 pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a fi òmíràn kún un láàárọ̀. Inú rẹ̀ ṣí fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì dáwọ́ dúró. Mo sọ fún un, àwa méjì nìkan, pé ẹyin lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbó kí nǹkan oṣù tó fi hàn, oyún sì lè dé lójijì. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe kókó nítorí pé oṣù yẹn kan náà ni mo fún un ní ìpara tiretinóìnì fún ọrùn, èyí tí aboyún kò gbọ́dọ̀ lò. Alẹ́ ọjọ́ kan fò kan ló ń fi í, ó kéré bí ẹ̀wà kan, ọrùn nìkan. Abíyá tó ti fẹ́lẹ́ yẹn, mo ní kó fi í sílẹ̀ kó sinmi.

Ohun tó kọ́kọ́ padà ni nǹkan oṣù, ní oṣù karùn-ún. Awọ ló kẹ́yìn. Òun náà ní bó ṣe ń ṣe: títẹ́jú ló máa ń kọ́kọ́ dé, àwọ̀ á tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí mo fi àtàǹpàkò mú un, ìlà rẹ̀ ti tẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn fojú wò ó lè sọ pé kò yí padà. Nítorí náà ni mo ṣe ya fọ́tò rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́bàá fèrèsé kan náà, ní wákàtí kan náà. Nígbà tí a gbé méjèèjì sún mọ́ra, ó rí i fúnra rẹ̀: ti ẹ̀gbẹ́ ti rẹ̀ sílẹ̀, ti ẹ̀yìn ló kù. Ó wọn kílò 78. Àyẹ̀wò wákàtí méjì jáde ní 91 àti 132.

Ọ̀rọ̀ "díẹ̀díẹ̀"

Mo ní màá padà sórí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo awọ àrán ló jẹ́ ti ínsúlínì tí mo ṣàlàyé yìí. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ti dàgbà ni, tí kò sanra, tí ó ń rù láìmọ ìdí, tí awọ náà sì yọ láàárín oṣù díẹ̀ tó sì ń tàn kánkán dé ètè, inú ẹnu tàbí àtẹ́lẹwọ́, mi ò ní ronú nípa ṣúgà ṣáájú. Jẹjẹrẹ inú ni mo máa wá, ti àpò oúnjẹ pàápàá, láìfi àkókò ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ náà la ẹnu. Àwọn oògùn kan náà lè fà á, bíi niásínì tó pọ̀ tàbí sítẹ́rọ́ìdì tí ènìyàn ń gbé mì, nítorí náà mo máa ń béèrè ohun tí ènìyàn ń lò, títí kan èyí tó rà fúnra rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà yẹn, nígbà tí a wo fọ́tò tán, tí mo ti ń kọ ọjọ́ tí wọ́n á tún wá, ìyá rẹ̀ kò dìde. Ó tú gèlè rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó sì tẹ orí síwájú. "Dókítà, tèmi náà ńkọ́?" Ó nípọn, ó rọ̀, ó ní ìlà lórí ìlà. Ọmọ rẹ̀ dìde, ó mú òwú àti sípírítì lórí tábìlì mi, ó nu ọrùn ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bó ṣe rí mi tí mo ṣe é, ó sì fi òwú náà hàn án. Ó funfun.

Ṣúgà ìyá nígbà tí ikùn rẹ̀ ṣófo jáde ní 141. A tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó jáde ní 138. Láti 126 lẹ́ẹ̀mejì ni a ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ mẹtifọ́mínì lọ́sẹ̀ náà, a wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń rìn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ báyìí.